Ẹ Wo Kòtò Kí Ẹ Tó Wo Góńgó: Bí A Ṣe Ń Mọ Ọjà Tó Ń Gòkè Yàtọ̀ sí Ọjà Àlọ-Àbọ̀

Ọjà tó ń gòkè àti ọjà àlọ-àbọ̀, ìyẹn èyí tó há sáàárín àjà àti ilẹ̀, máa ń jọra gan-an níbi tí ojú gbogbo èèyàn wà, ìyẹn lókè. Nígbà tí iye bá ń sáré lọ bá ibi gíga tó ti dé rí, kò sí ohun kan lára àbẹ́là ọjọ́ yẹn, ìyẹn àmì tó ń fi ìrìn iye lọ́jọ́ kan hàn lórí ṣáàtì, tó máa sọ fún wa bóyá yóò la àjà náà kọjá tàbí yóò forí sọ ọ́ kó sì padà sílẹ̀. Àbẹ́là ńlá aláwọ̀ ewé máa ń wà nínú méjèèjì. Ẹni tó bá ń fi òkè nìkan dájọ́ yóò máa rà lábẹ́ àjà, yóò sì máa tà nítòsí ilẹ̀ nígbà tí sùúrù bá tán, yóò wá máa ṣe kàyéfì pé ọjà mọ òun lójú.

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Lórí ṣáàtì, inú kòtò náà ni ọgbọ́n wà. Ibi tí iye bọ́ sí kó tó dìde ló máa ń tètè tú àṣírí ọjà, bí a bá mọ èyí tó yẹ ká kà àti ìgbà tó yẹ ká kà á.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò kò pọ̀. Góńgó ni ibi tí iye gòkè dé kó tó ṣẹ́rí padà. Kòtò ni ibi tó sọ̀ kalẹ̀ dé kó tó dìde. Charles Dow, ẹni tó kú ní 1902, ni àwọn èèyàn sábà máa ń tọ́ka sí fún ìpìlẹ̀ èrò yìí: bí ọjà bá ń gòkè, góńgó tuntun máa ń ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kòtò tuntun náà sì máa ń ga ju èyí tó ṣáájú rẹ̀. Bí ọjà bá jẹ́ àlọ-àbọ̀, àwọn góńgó yóò wà ní nǹkan bí ọgbọọgba, àwọn kòtò náà yóò wà ní nǹkan bí ọgbọọgba. Ọmọdé lè ka èyí sórí. Inú "nǹkan bí" yẹn ni gbogbo wàhálà fara pamọ́ sí, torí pé bí a kò bá sọ iye tí "nǹkan bí" jẹ́, ojú wa yóò máa rí ohun tí ọkàn wa ń fẹ́.

Kí a tó pe ibì kan ní góńgó

Gbogbo ṣáàtì ló kún fún gegele kéékèèké. Bí a bá pe gbogbo wọn ní góńgó, a ó rí ọjà tó ń gòkè àti èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Nítorí náà a nílò asẹ́ méjì.

Asẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ti iye àbẹ́là. A lè ní kí orí àbẹ́là kan ga ju orí àbẹ́là mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ àti mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ kó tó di góńgó. Ti kòtò ni òdìkejì rẹ̀: ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju ti mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lórí TradingView, ìkànnì tí a ti ń wo ṣáàtì, kóòdù kúkúrú yìí tó láti sàmì sí wọn:

```
//@version=5
indicator("Gongo ati koto", overlay=true)
g = ta.pivothigh(high, 3, 3)
k = ta.pivotlow(low, 3, 3)
plotshape(not na(g), location=location.abovebar, offset=-3)
plotshape(not na(k), location=location.belowbar, offset=-3)
```

Ẹ wo `offset=-3` yẹn dáadáa, torí òun ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Kọ̀ǹpútà kò lè mọ̀ pé góńgó ti ṣẹlẹ̀ àfi ìgbà tí àbẹ́là kẹta lọ́wọ́ ọ̀tún bá parí. Ọjọ́ kẹta ni àmì náà tó jáde, ṣùgbọ́n a fà á sẹ́yìn kó lè jókòó sórí góńgó gan-an. Ẹni tó bá wá ń wo ṣáàtì ọdún tó kọjá yóò rí i bíi pé ọjọ́ tí ọjà dé orí òkè gan-an ni àmì ti kìlọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lórí ṣáàtì ojoojúmọ́, ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ń pẹ́, ọjọ́ mẹ́ta náà sì jẹ́ apá kan iye tí a ń san kí ojú wa tó lè dá nǹkan mọ̀. Àwọn ìlà kọ́lọkọ̀lọ tó ń so góńgó mọ́ kòtò tún burú ju èyí lọ, torí apá tó kẹ́yìn nínú wọn máa ń yí padà bí iye bá ṣe ń lọ. Ẹ má fi ibi tí ìlà yẹn parí sí dájọ́ ohunkóhun.

Asẹ́ kejì jẹ́ ti ìwọ̀n. Ìrìn láti góńgó dé kòtò gbọ́dọ̀ tóbi tó kí a tó kà á sí. A máa ń fi `ATR(14)`, òṣùwọ̀n tí J. Welles Wilder gbé jáde ní 1978, wọn èyí. Ohun tó ń sọ kò ju ìpíndọ́gba ìrìn ọjọ́ kan láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ: àlàfo láti ìsàlẹ̀ àbẹ́là dé orí rẹ̀, bí ọjà bá sì ti fò láti ibi tó parí sí lánàá, a ó ka fífò náà mọ́ ọn. Bí ìpíndọ́gba yìí bá jẹ́ 2, a lè ní ìrìn tí kò bá tó ìlọ́po méjì rẹ̀, ìyẹn 4, kì í ṣe ìrìn. Mẹ́ta-mẹ́ta àti ìlọ́po méjì tí a mú yìí kì í ṣe òfin tó sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run. Ẹlòmíì ń lo àbẹ́là méjì, ẹlòmíì márùn-ún. Ohun tó ṣe kókó ni pé kí a mú un kí a tó ṣí ṣáàtì, kí a má sì yí i padà lẹ́yìn tí a ti rí ohun tí kò dùn mọ́ wa.

Òṣùwọ̀n kan náà ni yóò sọ ohun tí "ọgbọọgba" jẹ́. Ìdajì rẹ̀ dára fún ìbẹ̀rẹ̀: bí ìpíndọ́gba bá jẹ́ 2, góńgó méjì tí àlàfo àárín wọn kò ju 1 lọ, ọgbọọgba ni wọ́n. Bákan náà, iye kò tíì borí góńgó kan àfi bí ọjọ́ kan bá parí sókè rẹ̀ ju 1 lọ. Pé orí àbẹ́là kàn ta kán góńgó náà kò tó. Ibi tí ọjọ́ parí sí ni ibi tí àwọn tó ń rà ti gbà láti gbé nǹkan náà sùn mọ́jú. Orí àbẹ́là kàn ń sọ ibi tí iye dé tí kò sì lè dúró sí ni.

Kòtò tó joyè àti èyí tí kò tíì joyè

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àlàyé tó wà nílẹ̀ ti máa ń fò kọjá. Kòtò kan lè ga ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ kó má sì túmọ̀ sí nǹkan kan. Lóòótọ́, inú ọjà àlọ-àbọ̀ pàápàá, kò wọ́pọ̀ kí kòtò méjì bára mu rẹ́gírẹ́gí. Ọ̀kan sábà máa ń ga ju èkejì lọ. Ohun tó ń fi kòtò joyè ni ìrìn tó ti inú rẹ̀ jáde. Bí ìrìn yẹn bá borí góńgó tó wà níwájú rẹ̀, ó hàn pé àwọn tó rà nínú kòtò náà lágbára tó láti gba ibi tí wọn kò tíì gbà rí. Ìgbà yẹn ni kòtò náà di kòtò ìpìlẹ̀, ibi tí ọjà kò gbọ́dọ̀ padà sí bí ìgòkè bá ṣì wà láàyè. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì dọ̀bálẹ̀ fún un.

Nítorí náà ìdáhùn mẹ́ta ló wà: ọjà ń gòkè, ọjà jẹ́ àlọ-àbọ̀, tàbí a ò tíì mọ̀. Ìkẹta yìí ló máa ń jóòótọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, òun náà sì ni kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣáàtì ojoojúmọ́ kan tí a fúnra wa fi nọ́ńbà sí, ká rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìpíndọ́gba ìrìn ọjọ́ kan jẹ́ 2. Ìrìn tó kéré jù jẹ́ 4, ọgbọọgba jẹ́ 1.

Iye dìde láti kòtò 80, ó ṣe góńgó ní 92, ó sọ̀ kalẹ̀ sí 86, ó tún dìde. Títí di báyìí, 86 kàn ga ju 80 lọ ni. Ọjọ́ tí ọjà parí ní 93.4 ni ọ̀rọ̀ yí padà: 93 ni ààlà, ìyẹn 92 pẹ̀lú 1, ọjọ́ náà sì parí sókè rẹ̀. Kòtò 86 joyè. Ọjà ń gòkè, kò sí àríyànjiyàn.

Ó ṣe góńgó ní 98, ó sì padà sí 91.5. Èyí dùn ún wò: kòtò tuntun ga ju 86 lọ dáadáa, ó sì bọ́ sí itòsí góńgó àtijọ́ tó wà ní 92. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rà níbẹ̀ láì ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ìrìn tó jáde láti 91.5 dé 98.6 péré kó tó ṣẹ́rí padà, kò sì sí ọjọ́ kan tó parí ju 99 lọ. Ẹni tó ń ka góńgó pẹ̀lú ojú lásán yóò ní 98.6 ga ju 98. Lójú òṣùwọ̀n wa, ọgbọọgba ni wọ́n. Kòtò 91.5 kò joyè. Kì í ṣe pé ìgòkè ti kú, torí 86 ṣì dúró digbí. Ó kàn jẹ́ pé ìgòkè kò tíì fi ẹ̀rí tuntun hàn. A ò tíì mọ̀.

Iye wá sọ̀ kalẹ̀ sí 91.0. Ìdajì kan péré ló fi yàtọ̀ sí 91.5, nítorí náà ọgbọọgba ni. Báyìí a ti ní góńgó méjì tó dọ́gba àti kòtò méjì tó dọ́gba, léra wọn, láìsí pé ẹnikẹ́ni borí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àbẹ́là kẹta lẹ́yìn 91.0 parí, a kọ ọ́ sílẹ̀: àlọ-àbọ̀, ilẹ̀ ní 91, àjà ní 98.6. Ẹ kíyè sí i pé góńgó nìkan kò lè sọ èyí fún wa. Góńgó méjì tó dọ́gba lè jẹ́ ìsinmi lásán láàárín ìgòkè. Kòtò kejì tí kò lè ga ju ti àkọ́kọ́ ló fi hàn pé àwọn tó ń rà kò kánjú mọ́. Wọ́n ti gbà láti dúró de iye tó wà nílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀tàn ńlá dé. Láti 91.0, iye gun òkè dé 100.1. Ọjọ́ yẹn gan-an, ó padà, ó parí ní 98.2. Lọ́jọ́ kejì ó parí ní 97. Asẹ́ wa yóò kọ góńgó 100.1 sílẹ̀, torí góńgó ni lóòótọ́, bí a bá sì to àwọn góńgó pọ̀, a ó ní 98, 98.6, 100.1. Àkàbà nìyẹn, ó ń lọ sókè. Ẹni tó bá ń fi góńgó nìkan dájọ́ yóò búra pé ọjà ń gòkè. Ẹ wá to àwọn kòtò: 91.5, 91.0, lẹ́yìn èyí ni iye já wálẹ̀ láti 100.1 sí 90.8. Ilẹ̀ kan náà ni. Kò sí ọjọ́ tó parí ju 99.6 lọ, nítorí náà kò sí góńgó tó di bíborí, kò sì sí kòtò tó joyè.

Ohun tí 100.1 ṣe ni pé ó mú àjà nípọn. Àjà kì í ṣe ìlà tín-ín-rín mọ́. Ó di agbègbè láti 98 dé 100.1. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ọjà ti jáde gbọ́dọ̀ rí ọjọ́ tó parí ju 101.1 lọ. Àwọn kan máa ń pa góńgó irú èyí rẹ́ nítorí pé ó ba ìlà wọn jẹ́. Ìwà tó léwu ni, torí àwọn tó rà ní 99 àti 100 lọ́jọ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àdánù wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dúró kí iye padà dé kí wọ́n lè tà kí owó wọn pé.

Láti 90.8, iye dìde sí 97.9, kò tilẹ̀ dé agbègbè àjà. Bí a bá ń wo góńgó, ìròyìn burúkú nìyí, torí 97.9 kéré sí 100.1 pẹ̀lú 2.2, ó ju ọgbọọgba lọ. Ọ̀pọ̀ tó ti forí tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ á jáwọ́ níbí. Iye wá sọ̀ kalẹ̀ sí 93.6, ó dúró. Ìrìn 4.3 ni, ó kọjá 4 tí a béèrè, nítorí náà kòtò gidi ni. Ó sì ga ju 90.8 lọ pẹ̀lú 2.8. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọjà ti há, iye kúrò nítòsí àjà, kò sì padà dé ilẹ̀. Àwọn tó ń tà kò rí agbára tó láti fà á débẹ̀, tàbí àwọn tó ń rà kò lè dúró dè é mọ́. Èwo nínú méjèèjì? Ṣáàtì kò lè sọ. Ṣùgbọ́n ohun kan ti yí padà, ìsàlẹ̀ ló sì ti yí padà nígbà tí òkè ń sọ òdìkejì.

Síbẹ̀ 93.6 kò tíì joyè, torí gbogbo agbègbè àjà ló wà níwájú rẹ̀ láti borí, kì í ṣe 97.9 nìkan. Góńgó tó rẹlẹ̀ àti kòtò tó ga ń fún ọjà pọ̀ ni, ó sì lè bú gbàù síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Ọjọ́ tí ọjà parí ní 101.3 ni ó tó joyè. Ó borí 101.1 pẹ̀lú díẹ̀ péré, ṣùgbọ́n ó borí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, 93.6 ni kòtò ìpìlẹ̀ tuntun. Bí ọjọ́ kan bá parí sísàlẹ̀ 92.6, ìgòkè náà ti bàjẹ́, ẹ má bá a jiyàn.

Ibi tí kíkà ti máa ń wọ́

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn da ìrìn ńlá pọ̀ mọ́ ìrìn kékeré. Ní àárín 91.0 àti 100.1, bí a bá ṣí ṣáàtì wákàtí-wákàtí, a ó rí ìgòkè tó lẹ́wà, góńgó àti kòtò tó ń ga sí i. Òótọ́ ni, ìgòkè ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan nínú àlọ-àbọ̀ ńlá ni. Ẹni tó mú kòtò wákàtí, tó fi wé góńgó ojoojúmọ́, ó ti fi ìgbọ̀nwọ́ wọn apá kan, ó fi ìka wọn apá kejì. Òṣùwọ̀n kan náà ni ká fi mú góńgó àti kòtò, lórí ṣáàtì kan náà, kí a tó fi wọ́n wéra.

Èkejì ni pé `ATR(14)` fúnra rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Bí ọjà bá há fún ìgbà pípẹ́, ìrìn ojoojúmọ́ máa ń súnkì. Bí 2 bá di 1.2, ìrìn tó kéré jù yóò di 2.4, àwọn gegele tí a ti ń fojú fò tẹ́lẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í di góńgó àti kòtò. Ṣáàtì yóò kún fún àmì lójijì. A gbà pé ó sàn kí a di nọ́ńbà tó wà nígbà tí àlọ-àbọ̀ bẹ̀rẹ̀ mú títí yóò fi parí.

Ẹ yẹ iye fúnra rẹ̀ wò pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tí ẹni tó bá ra ìpín ilé-iṣẹ́ kò ní í gba owó èrè ìpín mọ́, iye ìpín náà sábà máa ń já wálẹ̀ ní nǹkan bí iye owó náà. Bí ṣáàtì kò bá ṣàtúnṣe fún un, a ó rí kòtò tó bọ́ sábẹ́ ilẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tà tìbínú-tìbínú. Pípín ìpín kan sí méjì tún ń ṣe èyí tó le jù: iye yóò já sí ìdajì lálẹ́ ọjọ́ kan.

Àwọn góńgó àti kòtò tó ń ga sí i tún lè ti inú dídà owó ẹyọ jáde. Bí a bá ń ju owó ẹyọ sókè, tí a ń fi 1 kún un bí orí bá dé, tí a sì ń yọ 1 bí ìrù bá dé, ṣáàtì tó máa jáde yóò ní ìgòkè àti àlọ-àbọ̀ tó dára dé ibi tí a ó fi fẹ́ ra nǹkan nínú rẹ̀. Ohun tí kíkà yìí ń sọ ni ipò tí ọjà wà báyìí àti ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti máa di irọ́. Kò sọ iye ọjọ́ tí ipò náà yóò fi wà.

Ọjọ́ 101.3, tàbí lẹ́yìn náà?

Ẹni tó bá rà ní 101.3, tó sì fi 92.6 ṣe ibi ìjáde, àlàfo 8.7 ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ti gbà láti pàdánù 100 péré, ẹyọ 11 ni ó lè rà. Nínú ọjà tí a ń rìn yìí, iye lọ sí 105, ó padà sí 99.4, ìyẹn sínú agbègbè àjà àtijọ́, ó sì dúró. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni àmì kòtò tó jáde, ọjà sì parí ní 101.9. Ẹni tó dúró di ìgbà yẹn lè fi ibi ìjáde sí 98.4, àlàfo rẹ̀ jẹ́ 3.5, ó sì lè fi 100 kan náà ra ẹyọ 28.

Ó dàbí pé ẹni kejì gbọ́n jù, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó gbé lọ́wọ́. Kòtò 99.4 kò tíì joyè, kò sì ní joyè àfi bí ọjọ́ kan bá parí ju 106 lọ. Títí di ìgbà yẹn, 93.6 ṣì ni kòtò ìpìlẹ̀. Bí iye bá ya wálẹ̀ sí 97, ẹni kejì ti jáde pẹ̀lú àdánù nínú ọjà tó ṣì ń gòkè ní ìbámu pẹ̀lú gbogbo òfin tó fi kà á, tí ẹni tó rà ní 101.3 sì ṣì wà níbẹ̀. Bí iye kò bá sì padà láti 105 rárá, ẹni kejì kò ní rí nǹkan rà.